Kí ni ká kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán líno tó wà nínú férémù?

Abẹ̀ní_Ìtòkò

Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ gbé àwòrán líno kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára líno kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan ní Abẹ́òkúta fún ìpàtẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹbí ayàwòrán ló yá wa. Ó wà nínú férémù onígíláàsì. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dúró lọ́jà, pátákó ọlọ́jà kan wà lẹ́yìn wọn, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ "7/25", "Oja Oba", orúkọ ayàwòrán àti "84" sí abẹ́ rẹ̀. Kí ló yẹ kí n kọ sí lébẹ́lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, báwo ló sì ṣe yẹ kó gùn tó? Ọ̀gá wa ní kí n kó gbogbo ìtàn ayé ayàwòrán náà síbẹ̀.

---

Alálẹ̀mọ́

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ìtàn ayé ní ibi tirẹ̀: pátákó ńlá ẹnu ọ̀nà, tàbí ìwé pélébé tí àlejò máa mú lọ sílé. Ẹni tó dúró níwájú àwòrán kì í kàwé bí ẹni tó jókòó. Á ka gbólóhùn kan, á gbójú sókè wo àwòrán, á tún padà wá ka òmíràn. Bí ìwé yẹn bá ti gùn jù, ọ̀kan nínú méjì ló máa ṣẹlẹ̀: kó pa á tì, tàbí kó kà á tán kó kọjá lọ láìwo àwòrán mọ́.

Apá méjì ni ẹ máa kọ. Èkíní ni àwọn ohun tó dájú nípa iṣẹ́ náà, ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà: orúkọ ayàwòrán, ibi àti ọdún tí wọ́n bí i, orúkọ àwòrán pẹ̀lú ọdún, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, àti ẹni tó yá yín. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwòrán nìkan dùbúlẹ̀ ní lẹ́tà títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè yàtọ̀ sí ìyókù. Lẹ́yìn náà ẹ fi àlàfo ìlà kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ apá kejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń sọ ohun tí ojú lè rí. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, àádọ́ta sí márùndínlọ́gọ́rin ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń gbà láyè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, a sì ń lò ju tiwọn lọ láti sọ nǹkan kan náà, nítorí náà ẹ má fi iye ọ̀rọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ kà á sókè. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gbọ̀n, ẹ gé e.

---

Ọmọ_Akin

Mo fara mọ́ èyí. Àmọ́ ẹ má gbàgbé 7/25 yẹn o, òun ni owó wà. Ó túmọ̀ sí pé òun ni wọ́n tẹ̀ ṣe ìkeje nínú márùndínlọ́gbọ̀n. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe mọ́ tó, nítorí pé líno máa ń jẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè.

---

Atẹ̀líno

Ọmọ_Akin, ẹ gba ìdajì. Márùndínlọ́gbọ̀n tọ̀nà: ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ayàwòrán fọwọ́ sí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba èyí tó máa ń yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kọ "A/P" sí. Ti "ìkeje" ni kò dájú. Bébà tí wọ́n bá tẹ̀ tán, orí okùn ni wọ́n ń sá a sí. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí yíǹkì tó gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá wá kó wọn jọ láti fọwọ́ sí, ta ló tún mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde? Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe ẹ̀rí bí wọ́n ṣe tò jáde.

Ti jíjẹ náà, líno kì í jẹ nítorí ẹ̀dà márùndínlọ́gbọ̀n bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn jẹ́ òótọ́ nípa irú iṣẹ́ mìíràn, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ha páànù bàbà láìlo asíìdì. Ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ha máa ń wú díẹ̀, ibi wíwú yẹn ló ń mú yíǹkì ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ sì máa ń tẹ̀ ẹ́ pa kíákíá. Fún ìyẹn, nọ́ńbà kékeré lè já mọ́ nǹkan.

Abẹ̀ní, ẹ kọ nọ́ńbà náà, àmọ́ ẹ má ṣe é gàdàgbà. Ẹ fi sí ìparí ìlà tó sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: "ẹ̀dà 7 nínú 25". Bí ẹ bá kọ 7/25 lásán, àwọn kan máa kà á sí oṣù keje ọdún 2025. Kì í sì ṣe gbogbo àwòrán àtẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Ìgbì ńlá Hokusai ará Japan tí gbogbo ayé mọ̀, tó jáde ní nǹkan bí 1831, kò ní i, torí pé wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ tà ni. Ibi tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ má wá a kiri, ẹ fò ó.

---

Ṣadé_Peckham

Ẹ dákun, èmi náà ní férémù kan nílé. Mo ra àwòrán olókìkí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà olóòróró ni ojúlówó rẹ̀, tèmi jẹ́ àtẹ̀ lórí bébà tó nípọn, ó rẹwà gan-an. Mo fẹ́ kọ lébẹ́lì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀. Ṣé "ọ̀dà olóòróró" ni kí n kọ, àbí "àwòrán àtẹ̀"? Kí ni ẹ máa ń kọ bí ẹ bá gbé e sórí Ínsítágíráàmù?

---

Alálẹ̀mọ́

Ti Ínsítágíráàmù kọ́ là ń sọ níbí o, Ṣadé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kan Abẹ̀ní náà, nítorí pé òun ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó kọ ìlà kan ṣoṣo. Tiyín jẹ́ àwòkọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ya ojúlówó, orúkọ àwòrán àti ọdún rẹ̀, kí ẹ wá kọ "àwòkọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, láti ara ọ̀dà olóòróró". Bí ẹ bá kọ "ọ̀dà olóòróró" nìkan, irọ́ ni. Bí ẹ bá kọ "àwòrán àtẹ̀" nìkan, àlejò máa rò pé ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ nǹkan tó fi tẹ̀ ẹ́. Líno tí Abẹ̀ní ń sọ kì í ṣe àwòkọ ohunkóhun. Bébà tó wà nínú férémù yẹn gan-an ni ojúlówó, àwọn mẹ́rìnlélógún yòókù náà sì jẹ́ ojúlówó.

---

Atẹ̀líno

Bó bá jẹ́ líno lóòótọ́. Ẹ má gba ohun tí ẹbí sọ láìwò ó. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń ṣàtúnṣe aago ń lò, kí ẹ sún mọ́ gíláàsì. Bí dúdú rẹ̀ bá jẹ́ àmì tó-tò-tó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwòkọ ẹ̀rọ ni, ìfọwọ́sí pẹ́ńsùlù ò yí ìyẹn padà. Bó bá jẹ́ líno, dúdú máa kún ṣìkìtì, etí ilà á gé ṣáká, ẹ sì lè rí i tí yíǹkì ṣú díẹ̀ sí i ní etí níbi tí ìtẹ̀ ti tì í jáde. Láàárín ibi funfun, ẹ wá àwọn ilà kéékèèké tó ṣẹ́ kù níbi tí ọ̀bẹ kò gbẹ́ jinlẹ̀ tó. Bí ẹ bá rí ìlà inú igi nínú dúdú, pákó ni wọ́n gbẹ́, kì í ṣe líno.

Àwọn ará wa tún fẹ́ràn láti máa pe gbogbo àwòrán dúdú-àti-funfun Òṣogbo ní líno. Twins Seven-Seven fi asíìdì ṣiṣẹ́ lórí páànù láyé 1960 sí 1970, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìyàtọ̀ ò le: páànù máa ń tẹ bébà wọnú yí gbogbo àwòrán ká, etí rẹ̀ á hàn bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà tẹ̀ ẹ́. Bí ayàwòrán bá sì ní orúkọ tirẹ̀ fún ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lo orúkọ yẹn. Bruce Onobrakpeya ló pe irú tirẹ̀ ní plástógíráàfù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tó yé èèyàn tẹ̀ lé e. Ẹ má sọ ọ́ di "iṣẹ́ àtẹ̀" lásán.

---

Abẹ̀ní_Ìtòkò

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi awò wò ó, ilà ọ̀bẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí àmì tó-tò-tó. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí, ẹ má bínú sí mi:

"Iṣẹ́ ọnà àràmàǹdà yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ manigbàgbé tí àgbà ọ̀jẹ̀ ayàwòrán wa gbé kalẹ̀. Ó ń ṣàfihàn àṣà àti ìṣe ilẹ̀ Yorùbá, agbára àwọn obìnrin, ìṣọ̀kan, àti ipa tí ọjà ń kó nínú ọrọ̀ ajé àwùjọ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ayàwòrán náà, tó kàwé gboyè, tó sì ti gba oríṣiríṣi àmì-ẹ̀yẹ, lo ọgbọ́n inú rẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ yìí jáde lọ́nà tó fani mọ́ra púpọ̀."

Ohun mìíràn tí mo rí nígbà tí mo fi awò wò ó: pátákó ẹ̀yìn wọn, "IRESI" ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ S rẹ̀ yí padà, ó dojú kọ òdì.

---

Alálẹ̀mọ́

Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ. Ṣé kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọjà èyíkéyìí, kódà èyí tí kò ní obìnrin mẹ́ta? Ìdánwò tí mo máa ń fi wọ̀n ọ́n nìyẹn. "Àràmàǹdà", "manigbàgbé", "fani mọ́ra": ẹ ń sọ fún àlejò bó ṣe yẹ kí inú rẹ̀ dùn tó. Àmì-ẹ̀yẹ àti ìwé gboyè, pátákó ẹnu ọ̀nà ló ni wọ́n. "Agbára àwọn obìnrin", níbo ni ojú ti lè rí i nínú àwòrán? Bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe dúró ni, ẹ sọ bí wọ́n ṣe dúró.

Ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn, bí ẹni tó rántí nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, òun ni lébẹ́lì yín. S tó yí padà yẹn! Gbogbo ẹni tó bá kà á ló máa gbójú sókè lọ wá a. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀:

> (Orúkọ ayàwòrán)
> A bí i ní Abẹ́òkúta, ọdún 1951
> *Oja Oba*, 1984
> Líno tí a gbẹ́, yíǹkì dúdú lórí bébà. Ẹ̀dà 7 nínú 25
> Àwòrán: 30 × 45 sẹ̀ǹtímítà
> Ẹbí ayàwòrán ló yá wa
>
> Ẹ wo pátákó tó wà lẹ́yìn àwọn obìnrin mẹ́ta yìí: S inú rẹ̀ yí padà. Orí líno, òdì ni wọ́n ń gbẹ́ lẹ́tà kó tó lè tọ́ lórí bébà, S yìí nìkan ni wọ́n gbẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀bẹ bá kàn ló funfun, ibi tó fò ló mú yíǹkì. Ilà ojú àwọn obìnrin náà, ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọdún ìbí àti ìwọ̀n, mo kàn fi dí àyè ni, ẹ fi èyí tó jẹ́ òótọ́ rọ́pò wọn.

---

Bàbá Férémù

Èyí ò dáa. Àgbàlagbà ni ayàwòrán yẹn, ẹbí rẹ̀ máa wá lọ́jọ́ ìṣíde ìpàtẹ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà ní ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ bàbá wọn ni pé ó ṣi lẹ́tà gbẹ́. Ẹ máa dá ìjà sílẹ̀ nílé ìkàwé. Ẹ yọ ọ́.

---

Alálẹ̀mọ́

Bàbá, mi ò kọ "àṣìṣe" síbẹ̀. Mo sọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Atẹ̀líno

Kò sì yẹ kí a kọ "àṣìṣe", nítorí ta ló mọ̀? Àwọn tó ń kọ pátákó láàárín ìgboro máa ń yí S àti N padà dáadáa, ó lè jẹ́ pé irú pátákó bẹ́ẹ̀ ló ń yà. Ó tún lè jẹ́ pé ó gbàgbé lóòótọ́. "R", "E" nìyẹn tó gbẹ́ lódì bó ṣe yẹ, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Férémù ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ fi han ẹbí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "Ibi tí ọ̀bẹ bá kàn", kí ẹ fi gbólóhùn kan kún un nípa ojú ọ̀run tí kò gbẹ́ rárá, tó fi dúdú kanlẹ̀. Ìyẹn bá ojú mu, àmọ́ kò ní fa ojú bíi S.

---

Bàbá Férémù

Mo ṣì ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ìwọ̀n. Gíga ni ẹ máa kọ ṣáájú, fífẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yí i, ẹni tó bá kà á nínú ìwé á rò pé àwòrán tó nàró ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ wọ̀n: etí dúdú sí etí dúdú ni "àwòrán", odindi bébà jẹ́ ìwọ̀n mìíràn, férémù jẹ́ ìwọ̀n kẹta. Bébà yín ti wà lẹ́yìn páálí tí wọ́n gé fèrèsé sí, ẹ ò lè rí etí rẹ̀, nítorí náà "àwòrán" ni kí ẹ kọ. Ẹ má tú férémù torí ìwọ̀n. Ẹ gbé rúlà sún mọ́ gíláàsì, kí ojú yín wà ní ọ̀ọ́kán gan-an. Bó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, kò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ yí férémù wò lẹ́yìn. Ìwé àtijọ́ lè wà níbẹ̀ tó ní orúkọ àti ọdún tó yàtọ̀ sí ti iwájú. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ má bó o.

Ibi tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́: apá ọ̀tún férémù, kí ó jìn sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Férémù tó nípọn máa ń da òjìji sórí lébẹ́lì bí iná bá ti apá òsì wá, torí náà ẹ tan iná kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Àárín àwòrán yẹ kó wà ní nǹkan bí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, àárín lébẹ́lì ní nǹkan bí 135, kí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn àti ọmọ iléèwé lè kà á. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì láé.

Káádì lásán máa ń ká bí ewé gbígbẹ nígbà òjò. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù bọ́ọ̀dù tó nípọn tó mílímítà márùn-ún, kí gọ́ọ̀mù kan gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Ẹ má lámínéètì rẹ̀ ní èyí tó ń dán: iná á lù ú, ẹni tó fẹ́ kà á á máa jó kiri kó tó rí ọ̀rọ̀.

---

Abẹ̀ní_Ìtòkò

Bàbá, ẹ ṣeun. Ògiri wa, ọ̀dà ẹ́máṣọ̀n ni, ó ti pẹ́, ó ń fi ẹfun sílẹ̀ lọ́wọ́. Kí ni mo lè fi lẹ̀ ẹ́?

---

Bàbá Férémù

Èyí tó ń fi ẹfun sílẹ̀ yẹn, nǹkan kan ò ní dúró lórí rẹ̀ dáadáa. Sẹ́lótéèpù olójú méjì máa mú ẹfun, á jábọ́ láàárín òru. Gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ pò máa fi àbàwọ́n òróró sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ fi àkísà tó tutù díẹ̀ nu ojú ibẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dán an wò pẹ̀lú fóòmù tí kò ní nǹkan kan lójú, fún ọjọ́ kan àti òru kan. Bó bá jábọ́, ẹ lo ìṣó kéékèèké méjì láti abẹ́, kí fóòmù jókòó lé wọn lórí.

---

Atẹ̀wé

Ẹ̀yin ará, ẹ ò tíì dé ibi tó ń dun èmi. Àmì! Lébẹ́lì Yorùbá tí wọ́n gbé wá fún wa láti tẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa ń bàjẹ́ níbì kan. Ẹ máa kọ ọ́ dáadáa lórí fóònù, ẹ gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà wa, àmì orí "ọ̀" á sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí kékeré. Ìdí ni pé lẹ́tà yẹn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, méjì ni wọ́n so pọ̀:

```
ọ̀ = U+1ECD U+0300
ẹ̀ = U+1EB9 U+0300
```

Fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ á gbé ìkejì síbi tó bá wù ú. Ẹ lo Noto Sans, Gentium tàbí Charis SIL, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ di PDF lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé `.docx` wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí bébà lásán, ẹ wo Ọ̀ àti Ẹ̀ tó jẹ́ lẹ́tà ńlá, nítorí àwọn ni àmì orí wọn máa ń gé kúrò.

Ìwọ̀n lẹ́tà 18 ni kó kéré jù, 20 dáa jù. Àlàfo àárín ìlà, ẹ fi sí 1.4. Èyí tó bá ṣe é ní 1.1 bí ti Gẹ̀ẹ́sì, àmì ìsàlẹ̀ ṣ á máa gbá àmì orí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ohun tí Alálẹ̀mọ́ kọ yẹn, bó bá jẹ́ lẹ́tà 18, á gba káádì tó fẹ̀ tó 15, tó ga tó nǹkan bí 17 sẹ̀ǹtímítà. Kí etí òsì gún, kí ẹ fi etí ọ̀tún sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá fi ipá mú un gún, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kúrú á fọ́n ká, àlàfo á pọ̀ láàárín wọn.

---

Ọmọ_Akin

Ní ti àmì, kí ló dé tí Alálẹ̀mọ́ fi kọ "Oja Oba" láìlámì, tí gbogbo ìyókù sì ní àmì? Àlejò máa rò pé ẹ gbàgbé ni.

---

Alálẹ̀mọ́

Torí pé bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán kọ ọ́ sórí bébà. Orúkọ àwòrán, tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tó bá ń wá ẹ̀dà yòókù máa fi ohun tó wà lórí bébà wá wọn.

---

Atẹ̀wé

Mi ò gbà. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́ ní 1984, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí nǹkan tí wọ́n bá ń kọ kíákíá. Kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lébẹ́lì tó ní àmì lára gbogbo ọ̀rọ̀ àyàfi orúkọ àwòrán, ó dà bíi pé a kò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ kọ *Ọjà Ọba*, ẹni tó bá fẹ́ wo bí ayàwòrán ṣe kọ ọ́, ṣebí ó wà nísàlẹ̀ àwòrán níbẹ̀.

---

Alálẹ̀mọ́

Nínú férémù yín, páálí lè bo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pátápátá. Ẹ wò ó ná, Abẹ̀ní. Bí kò bá hàn, lébẹ́lì nìkan ni ẹ̀rí tó kù fún àlejò, mo sì dúró lórí ti ayàwòrán. Bó bá hàn, mo lè gbà fún Atẹ̀wé. Díẹ̀.

---

Abẹ̀ní_Ìtòkò

Ó hàn. Mo ti fi S han ẹ̀gbọ́n tó mú àwòrán wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi sílẹ̀, àmọ́ ó ní kí n bi ìyá wọn léèrè kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa wá sọ pé kí Gẹ̀ẹ́sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n náà tún sọ pé àwọn ní bébà kan sí i láti ara líno yẹn, kò ní nọ́ńbà, kò ní ìfọwọ́sí, ọmọ bàbá náà ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí bàbá kú. Wọ́n fẹ́ kí n gbé méjèèjì kọ́.

---

Alálẹ̀mọ́

Gẹ̀ẹ́sì: ẹ má túmọ̀ apá òkè ní ìlà méjì-méjì, ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan ló nílò rẹ̀. Yorùbá ni kó ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì á tẹ̀ lé e lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kan náà. Ẹ gé ọ̀rọ̀ méjèèjì kù sí gbólóhùn méjì sí mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, káádì yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó férémù. Gbólóhùn ilà ojú àwọn obìnrin ni màá kọ́kọ́ yọ.

---

Ṣadé_Peckham

Ṣé bébà kejì yẹn kì í ṣe àwòkọ báyìí, bíi tèmi?

---

Atẹ̀líno

Rárá o, Ṣadé. Líno kan náà ni wọ́n tẹ̀, yíǹkì kan líno, líno kan bébà. Tiyín, ẹ̀rọ ló ya fọ́tò ọ̀dà. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 7/25, nítorí pé ayàwòrán kò rí i, kò sì yan yíǹkì tàbí bébà rẹ̀. Irú èyí ti wà tipẹ́. Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, gbé àwòrán àgbáǹréré rẹ̀ tí wọ́n fi pákó tẹ̀ jáde ní 1515, ó kú ní 1528, wọ́n ṣì ń tẹ pákó yẹn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ọdún méjèèjì hàn lórí lébẹ́lì.

Fún tiyín: "*Oja Oba*, a gbẹ́ ẹ ní 1984, ọmọ ayàwòrán tẹ̀ ẹ́ ní (ọdún)". Ẹ má fún un ní nọ́ńbà, kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹbí fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ bàbá sí i nísinsìnyí, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó. Ẹ wo dúdú rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú. Líno tó ti pẹ́ máa ń le, ó ń sán, ẹ lè rí ilà funfun tín-ín-rín nínú ojú ọ̀run rẹ̀ tí kò sí nínú 7/25. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ti rí gbólóhùn àkọ́kọ́ fún lébẹ́lì kejì, kò sì yẹ kí ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ S síbẹ̀.

---

Abẹ̀ní_Ìtòkò

Ẹ̀gbọ́n ò rántí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ṣáà mọ̀ pé kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú.

---

Atẹ̀líno

Ẹ kọ "a tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ikú ayàwòrán", kí ẹ fi ọdún ikú rẹ̀ sí ìlà ọdún ìbí. Àlejò á mọ ibi tí kò lè ṣáájú. Ẹ fi àyè tó tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, sí àárín férémù méjèèjì, kí lébẹ́lì ti àkọ́kọ́ má bàa sún mọ́ ìkejì débi tí wọ́n á fi máa ka ìfọwọ́sí mọ́ èyí tí kò ní in.